Ìbéèrè Mẹ́jọ fún Àwọn Olódo

Èmi ò ní sùúrù fún òpònú, mo sì ti sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní ìṣirò. Òpònú tí mo ti rí láàárín ọdún wọ̀nyẹn kọjá ohun tí èèyàn lè kà. Àwọn kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwọn kan jókòó sórí àga tíṣà, ọ̀kan sì jókòó sórí àga tó ń yí bírí nínú ọ́fíìsì tó ní fáànù méjì. Ìyẹn ni pírínsípà wa.

Jọ́gíráfì ló ń kọ́ni kó tó di ọ̀gá. Bẹ́ ẹ bá bi í pé odò wo ló gùn jù, á sọ fún yín. Bẹ́ ẹ bá bi í ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, á ní kẹ́ ẹ jọ̀ọ́ kẹ́ ẹ padà wá lọ́la. Òun ló pè wá jọ ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù pé òun fẹ́ kí iléèwé wa ní ìwé iṣẹ́ tirẹ̀, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọrùn títí dé orí èyí tó le. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú índísẹ́ẹ̀sì, àwọn nọ́ńbà kékeré tó ń gun orí nọ́ńbà mìíràn, àti lọ́ọ̀gì, torí ibẹ̀ làwọn ọmọ ti ń ṣubú jù.

"Kó dà bí àkàbà," ló wí, ó sì ń fi ọwọ́ gun afẹ́fẹ́ bí ẹni ń ṣeré fún ọmọ ọwọ́.

Mo ní mo gbọ́. Ta ló fẹ́ kọ́ mi ní àkàbà?

Àwa méjì péré la wà ní ẹ̀ka ìṣirò. Ẹnìkejì mi jẹ́ ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́, tí mo ń pè ní Tíṣà Káàdì. Gbogbo ìgbà ló máa ń gbé káàdì aláwọ̀ mèremère kiri, pupa fún àròpọ̀, àwọ̀ ewé fún ìlọ́po, bí ẹni tó fẹ́ ta súwíìtì. Bó bá fẹ́ kọ ìbéèrè márùn-ún, á fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe é. Á kọ ìbéèrè, á sì kọ gbogbo ìdáhùn tí kò tọ̀nà tí ọmọ kan lè mú wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ni a fẹ́ fi ìdáhùn burúkú ṣe. Ó ní, "Ọ̀gá, kí n lè mọ ohun tó wà nínú orí wọn ni." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kí ló wà nínú orí wọn bí kò ṣe afẹ́fẹ́?

Nígbà tó gbọ́ pé èmi ni n ó kọ ìwé iṣẹ́ náà, ó wá bá mi nídìí tábìlì mi, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní òun á fẹ́ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dé ọwọ́ àwọn ọmọ.

"Yẹ kí ni wò?" mo bi í.

"Àwọn ìbéèrè, sà. Bóyá n ó rí nǹkan tójú yín fò dá."

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà," mo wí, mo sì yí ojú mi padà sí ìwé mi. Ó dìde, ó kó káàdì rẹ̀, ó lọ.

Iṣẹ́ tí mo ṣe lórí ìwé náà, n kò lè ṣàìfi ṣògo. Ìpele mẹ́ta ni mo ṣètò, ìbéèrè mẹ́jọ-mẹ́jọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òkè ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ìpele kẹta, níbi tí ọgbọ́n wà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí kì í kọ ìbéèrè kó tó wá ìdáhùn. Ìdáhùn ló máa ń kọ́kọ́ yàn, á wá rìn padà sẹ́yìn. Mo yan 0 àti 2, mo rìn sẹ́yìn títí mo fi dé 3²ˣ − 10(3ˣ) + 9 = 0. Ọmọ tó bá lójú á rí i pé bí òun bá pe 3ˣ ní y, ìbéèrè náà di èyí tí òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, y á jẹ́ 1 tàbí 9, x á sì jẹ́ 0 tàbí 2. Èyí tó tẹ̀ lé e dùn ju ìyẹn lọ: lọ́ọ̀gì x àti lọ́ọ̀gì (x − 2), méjèèjì lórí ìdí 2, àpapọ̀ wọn jẹ́ 3. Ìṣirò rẹ̀ á bí 4 àti −2. Òpònú á kọ méjèèjì sílẹ̀. Ọlọ́gbọ́n á rántí pé nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ òdo kò ní lọ́ọ̀gì, á fagi lé −2. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe ìpele kẹta, mo sì ń dá rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń dẹ pàkúté.

Ìpele kejì gbà mí ní ọ̀sán kan.

Ìpele kìíní ńkọ́? Tíì mi ò tíì tutù tí mo fi parí rẹ̀. Ìpele àwọn olódo ni. Kí ni n ó máa fi àkókò ṣòfò lé lórí? Mo fi nọ́ńbà tó kéré jù lọ sí i, èyí tí ewúrẹ́ lè bá ṣe, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fìyà jẹ ọmọ òun. Bó ṣe wà nìyí:

1. a² × a²
2. b⁴ ÷ b²
3. (d²)²
4. 5² × 5²
5. 7⁴ ÷ 7²
6. lọ́ọ̀gì 2 + lọ́ọ̀gì 2
7. lọ́ọ̀gì 4 − lọ́ọ̀gì 2
8. 2 lọ́ọ̀gì 2

Kí wọ́n sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di nǹkan ẹyọ kan, ó parí. Kódà, kì í ṣe pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ro wọ́n. Ìbéèrè mẹ́jọ wọ̀nyí ni mo ti fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dé iléèwé náà. Mo mọ̀ wọ́n lórí bí orúkọ mi.

Ní ọjọ́ Ajé mo pín ìpele kìíní àti ìkejì fún kíláàsì kẹrin, ọmọ méjìdínlógójì, kí n fi wọ́n dán an wò kó tó lọ sọ́dọ̀ òǹtẹ̀wé. Wọ́n ṣe ìpele kìíní, mo gbà á, mo máàkì í níwájú wọn, mo dá a padà. Àwọn mẹ́rìndínlógójì ló gba mẹ́jọ nínú mẹ́jọ. Mo ní, "Ó dáa, ó kéré tán ẹ mọ méjì." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ṣe ìpele kejì, mo sì gbé e lọ sí yàrá àwọn tíṣà.

Ẹ gbà mí! Àjálù ni mo bá pàdé. Òdo, ọ̀kan, méjì, ọ̀kan, òdo. Mo mú bírò pupa mi, mo ń kọ "Olódo" sí ìsàlẹ̀ bébà kọ̀ọ̀kan títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ìgbà tí mo dé bébà kẹtàlá ni mo dáwọ́ dúró, torí mo rántí pé mo ti rí ohun kan náà rí. a³ × a⁴, tó yẹ kó jẹ́ a⁷, wọ́n kọ a¹². b⁸ ÷ b², b⁴. Lọ́ọ̀gì 3 + lọ́ọ̀gì 5, tó yẹ kó jẹ́ lọ́ọ̀gì 15, wọ́n kọ lọ́ọ̀gì 8. Lọ́ọ̀gì 12 − lọ́ọ̀gì 3, lọ́ọ̀gì 9. 2 lọ́ọ̀gì 3, lọ́ọ̀gì 6. Mo yẹ gbogbo bébà náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mẹ́sàn-án ló jọ ara wọn láti orí ìbéèrè àkọ́kọ́ dé orí ìkẹjọ, wọn ò fi ibì kan yàtọ̀. Ìkẹta nìkan ni wọ́n gbà, (d³)², wọ́n kọ d⁶.

Tíṣà èyíkéyìí tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ á sọ fún yín pé ìdáhùn tó tọ̀nà lè jọra láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jíwèé wò, torí òótọ́ kan ṣoṣo ló wà. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kì í jọra. Kálukú ló ń ṣe wèrè tirẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí àṣìṣe mẹ́sàn-án tó bára mu rẹ́gí, ẹ wá ẹni tí wọ́n jí i wò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo sì rí i. Ọmọ Aránṣọ ni. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo iléèwé ń pè é, torí ìyá rẹ̀ ló ń rán yúnífọ́ọ̀mù wa. Ọmọbìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àárín kíláàsì ló máa ń jókòó, òun ló sì kọ́kọ́ fi bébà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Pé àwọn mẹ́jọ yòókù jókòó káàkiri, tí méjì wà lẹ́bàá fèrèsé tí ọ̀kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn ò dà mí láàmú. Olè kì í wá ọ̀nà tì.

Mo pè é síta.

"Ta ni o fún ní bébà rẹ?"

"Mi ò fún ẹnikẹ́ni, sà."

"Àwọn mẹ́jọ kọ ohun tí o kọ."

"Mi ò mọ̀, sà. Bóyá bí mo ṣe ṣe é làwọn náà ṣe ṣe é."

Mo pòṣé. Irú ìdáhùn wo nìyẹn? Mo ní, "Ìwọ lo gba mẹ́jọ nínú mẹ́jọ lánàá, tóo wá gba ẹyọ kan lónìí. Ọ̀nà méjì ni: tàbí o jíwèé lánàá, tàbí o ń tan èèyàn jẹ lónìí. Èwo ni?" Ó wo ilẹ̀. Ó ní kò sí èyí tí òun ṣe níbẹ̀. Mo ní a máa rí i.

Òfin iléèwé wa le lórí jíjíwèé. Àwọn tó jí i wò á tún ìdánwò ṣe. Ẹni tó fún wọn á kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì, kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́. Gbogbo èèyàn ló sì mọ ohun tí Ọmọ Aránṣọ fẹ́ dà. Apòògùn ló fẹ́ dà. Ó ti wí i níwájú gbogbo iléèwé lọ́jọ́ tí pírínsípà ń bi àwọn ọmọ léèrè, àwọn kan sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá ti kúrò ní sáyẹ́ǹsì kò lè kọ́ iṣẹ́ oògùn láéláé. Mo mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, mo kọ ìròyìn mi, mo fi ránṣẹ́ sí pírínsípà.

Ní ọjọ́bọ̀ ni pírínsípà pe ìyá rẹ̀. Aránṣọ náà wọlé pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n lọ́rùn, ó jọ pé ìdí ẹ̀rọ ló ti dìde. Okùn òwú funfun ṣì wà lára bùbá rẹ̀. Ó kí pírínsípà, ó kí mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o," mo sì kí i padà láìwo ojú rẹ̀ tààrà. Kí ni aránṣọ fẹ́ wá sọ nínú ọ̀rọ̀ lọ́ọ̀gì? Mo ti múra sílẹ̀ de ẹkún àti ẹ̀bẹ̀. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Pírínsípà ti tẹ́ fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀. Ó ku kí èmi fọwọ́ sí i, kí òun náà fọwọ́ sí i. Ó ka ìròyìn mi sókè, ó ń fi ẹnu gé e bí ẹni ń ka ìròyìn ojú ọjọ́. Nígbà tó parí, ó ní kí ọmọ náà sọ tẹnu rẹ̀.

"Sà, mi ò fún ẹnikẹ́ni ní bébà mi," ló wí.

"Ṣé ìwọ fúnra rẹ lo ṣe ìpele kìíní?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa." Pírínsípà nawọ́ sí pátákó funfun tó wà lára ògiri, níbi tó máa ń kọ ọjọ́ ìpàdé sí. "Ṣe ọ̀kan lójú wa. Tíṣà, ẹ fún un ní ọ̀kan."

Mo rò pé àsìkò ti tó láti pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Mo ní kó ṣe a³ × a⁴. Ó mú bírò pátákó, ó kọ a¹² kíá, kò ronú lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé ẹ rí i?" mo wí fún pírínsípà. "Kò mọ ohun kan. Ẹni tí kò mọ èyí, báwo ló ṣe gba mẹ́jọ nínú mẹ́jọ?"

"Kí ló dé tóo fi kọ méjìlá?" pírínsípà bi í. Èmi ni mo yẹ kí n bi í léyìí láti ọjọ́ ìṣẹ́gun.

Ọmọ náà kọjú sí èmi, kì í ṣe sí pírínsípà. "Sà, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́ wa, ẹ ní nígbà kan ká ro nọ́ńbà pọ̀, ẹ sì ní nígbà mìíràn ká sọ wọ́n di ìlọ́po. Ó dàrú mọ́ mi lójú. Mo fẹ́ bi yín, ṣùgbọ́n ẹ ní ẹni tó bá bèèrè ohun tẹ́ ẹ ti wí, ẹ máa fi ṣẹ̀sín. Mo wá ní kí n fi ìpele kìíní dán an wò. Mo ní ohun tí àmì bá wí ni n ó ṣe, bó bá jẹ́ irọ́, ẹ máa fagi lé e."

Ó yí padà sí pátákó, ó ń kọ, ó ń sọ̀rọ̀.

"Ìkínní, a² × a². Mo rí àmì ìlọ́po. Méjì lọ́nà méjì, mẹ́rin. Ẹ ní mo gbà á. Ìkejì, b⁴ ÷ b². Mo rí àmì ìpín. Mo fi méjì pín mẹ́rin, ó jẹ́ méjì. Ẹ ní mo gbà á. Ìkẹta ò ní àmì, mo sọ ọ́ di ìlọ́po, mo gbà á. Ìkẹrin àti ìkarùn-ún dà bí ìkínní àti ìkejì, mo gbà wọ́n. Ìkẹfà, lọ́ọ̀gì 2 + lọ́ọ̀gì 2, àmì àròpọ̀ ni. Méjì àti méjì, lọ́ọ̀gì 4. Mo gbà á. Lọ́ọ̀gì 4 − lọ́ọ̀gì 2, mo yọ méjì kúrò lára mẹ́rin, lọ́ọ̀gì 2. Mo gbà á. Ìkẹjọ, 2 lọ́ọ̀gì 2, méjì lọ́nà méjì, lọ́ọ̀gì 4." Ó fi bírò sílẹ̀. "Mo dán an wò lẹ́ẹ̀mẹjọ, sà. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ lẹ sọ pé òótọ́ ni. Mo wá ṣe ohun kan náà ní ìpele kejì."

Mo sún mọ́ pátákó náà.

Mo ń wo pátákó, mo ń wá ibi tí ọmọ yìí ti parọ́, mi ò rí i. Méjì àti méjì, mẹ́rin. Méjì lọ́nà méjì, mẹ́rin. Bẹ́ ẹ bá yọ méjì kúrò lára mẹ́rin, méjì. Bẹ́ ẹ bá fi méjì pín mẹ́rin, méjì náà ni. Nínú gbogbo nọ́ńbà tí Ọlọ́run dá, méjì àti mẹ́rin ni mo lọ ṣà jọ, níbi tí ọ̀nà tó tọ́ àti ọ̀nà tó wọ́ ti ń já síbì kan náà. Ìbéèrè mẹ́jọ, kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó lè sọ ọmọ tó mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n. Ká ní mo kọ a² × a³ péré, ì bá ti kọ a⁶ dípò a⁵, ǹ bá ti fagi lé e, ì bá sì ti mọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Àwọn mẹ́sàn-án ò jíwèé wò lọ́dọ̀ ara wọn. Ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo wọn ti gbà á.

Pírínsípà ti tẹjú mọ́ pátákó bí ẹni ń wo èdè àjèjì. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Tíṣà, ọ̀rọ̀ yìí ga jù mí o. Ṣé àwáwí ló ń ṣe ni, àbí kí ló ń wí? Ohun tẹ́ ẹ bá sọ ni n ó tẹ̀ lé." Ó sì ti bírò sí iwájú mi.

Ẹ má bínú, n ó sọ bó ṣe rí. Mo mú bírò náà. Ó wá sí mi lọ́kàn pé kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú yàrá yìí. Ọmọ náà ò mọ̀ ju pé òun tẹ̀ lé mi lọ. Ìyá rẹ̀ ò mọ̀. Ọ̀gá onífáànù méjì ò mọ̀. Bí mo bá ní "Àwáwí ni," ó parí, n ó padà sídìí tábìlì mi, n ó pààrọ̀ nọ́ńbà mẹ́jọ, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ láéláé.

Aránṣọ náà ló ṣí ẹnu. Kò sunkún, kò bẹ̀bẹ̀. Ó ń wo pátákó, ó fi ọwọ́ mú téèpù rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ má bínú o, mi ò kàwé. Gbogbo nọ́ńbà yín ló jẹ́ méjì-méjì?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, méjì àti mẹ́rin.

"Bí mo bá ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní wíwọn, mi ò jẹ́ fún un ní aṣọ tí gígùn àti ìbú rẹ̀ dọ́gba. Bó bá wọn ìbú tó pè é ní gígùn, báwo ni n ó ṣe mọ̀?" Ó wò mí. "Àbí tiyín yàtọ̀ ni?"

Ooru mú mi lábẹ́ fáànù méjì. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Obìnrin tí mo rò pé kò mọ̀ ju bọ́tìnnì àti òwú lọ ti rí i láàárín ìṣẹ́jú kan, ohun tí èmi tí mò ń fi 3ˣ ṣeré kò rí ní ọdún mọ́kàndínlógún.

"Tiwa ò yàtọ̀," mo wí.

"Kí lẹ wí?" pírínsípà bèèrè.

"Mo ní ọmọ yìí ò fún ẹnikẹ́ni ní bébà, kò sì jíwèé. Ìbéèrè mi ni kò dáa. Ọ̀nà tí kò tọ́ ló gbà, mo sì ń máàkì í ní tọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ohun tó kọ sórí pátákó yẹn."

Pírínsípà tún gíláàsì rẹ̀ fi. Ọgbọ́n tí mi ò mọ̀ pé ó ní ló bá jáde. "Àwọn mẹ́rìndínlógójì tó gba mẹ́jọ nínú mẹ́jọ ńkọ́? Mélòó nínú wọn ló mọ̀ ọ́n lóòótọ́?"

"Mi ò mọ̀."

"Tí ọdún tó kọjá ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀, sà." Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo pe ọkùnrin náà ní sà láìfi ṣe àwàdà. Ojú àwọn ọmọ kan ń wá sí mi lọ́kàn, ọmọ tó ṣí lọ sí kíláàsì iṣẹ́ ọnà torí lọ́ọ̀gì, ọmọ tí bàbá rẹ̀ wá kó ìwé rẹ̀ kúrò, èyí tó ń sunkún lẹ́yìn ilé ìwé pé òun mọ̀ ọ́n lánàá, òun ò mọ bó ṣe lọ. Mo ti kọ "Olódo" sí ìwé gbogbo wọn. Ṣíọ̀! Olódo wo ló ju èmi lọ?

Pírínsípà fa fọ́ọ̀mù náà ya sí méjì. Ó ní kí ọmọ náà padà sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ ti tán. Aránṣọ náà dúpẹ́, ó sì ti gbé ẹsẹ̀ láti lọ nígbà tí ọmọ rẹ̀ kò kúrò lójú kan.

"Sà," ló wí fún pírínsípà, "ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè béèrè nǹkan kan?"

"Béèrè."

"Mo fẹ́ wà ní sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Tíṣà Káàdì ni mo ti fẹ́ máa kọ́ ìṣirò."

Ṣé ẹ rí i, orúkọ tí mo sọ tíṣà yẹn lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo iléèwé ti gbà á, àwọn ọmọ ń fi pè é tìfẹ́tìfẹ́. Aránṣọ náà ní, "Háà, ọmọ yìí, ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú àgbà nìyẹn?" Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní kí n má bínú. Ṣùgbọ́n kò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Kíláàsì kẹta ni Tíṣà Káàdì ń kọ́. Ọmọ tó fẹ́ lọ bá a á máa jókòó láàárín àwọn àbúrò rẹ̀ lójoojúmọ́ tí wọ́n bá ń ṣe ìṣirò, wọ́n á sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn ju ọ̀dọ̀ mi lọ.

Pírínsípà wò mí. Fọ́ọ̀mù mìíràn wà fún ìyẹn, ó yọ ọ́ láti inú dúrọ́ọ̀, ó tì í sí mi. Tíṣà tí ọmọ ń kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Mo kọ orúkọ ọmọ náà, mo kọ kíláàsì rẹ̀, mo kọ ọjọ́. Mo wá dé ibi tí wọ́n kọ "Ìdí" sí, ìlà kan péré ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń dúró dè mí. Mo kọ ọ́ pé: "Olùkọ́ rẹ̀ kò mọ ohun tí ó ń béèrè." Mo sì fọwọ́ sí i.